Ṣé taipúráítà bàbá àgbà mi ló tẹ ìwé àwọn obìnrin Ẹ̀gbá?

1/ Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn díẹ̀, ẹ wá nǹkan fìdí lé. Taipúráítà kan wà nílé wa ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé òun ni bàbá àgbà mi fi tẹ ìwé àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n dìde sí owó orí.

2/ Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ ìtàn náà: ní 1946 ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ sọ ẹgbẹ́ wọn di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ní ìparí 1947, àwọn obìnrin tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá lọ rọ́ lọ sí ààfin Aké, wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú, wọ́n láwọn ò san owó orí mọ́.

3/ Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ ní 1948. Ní oṣù kìíní 1949 ó kọ̀wé pé òun sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́. Ìparí 1950 ló tó padà wálé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ẹ̀sùn ń lọ ń bọ̀. Ẹni tí ò mọ̀wé á lọ bá akọ̀wé, á sọ tẹnu rẹ̀, akọ̀wé á tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tí bàbá àgbà mi ṣe jẹun nìyẹn.

4/ Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Èkó. Ó ní òun ti rí ẹni tó fẹ́ ra taipúráítà náà, owó gidi ló sì fẹ́ san, bí a bá lè fún un ní ìwé tó fi hàn pé ẹ̀rọ 1947 ni. Ó ní, "Ìwọ lo kàwé ìtàn nílé yìí, ìwọ lo máa kọ ọ́." Owó yẹn sì lè tún òrùlé ilé Màmá ṣe. Òjò ti ń jò sí yàrá ẹ̀.

5/ Mo gba Abẹ́òkúta lọ ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wàhálà àkọ́kọ́: kò sí orúkọ kankan lára ẹ̀. Bàbá ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún láti òkè délẹ̀ nígbà kan, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ti bá ọ̀dà lọ. Ohun tó kù fún mi ni bọ́tìnnì ẹ̀, kárééjì ẹ̀ (ibi tí bébà ń wọ̀, tó ń rìn síwá sẹ́yìn) àtàwọn ọwọ́ irin kéékèèké ara ẹ̀.

6/ Mo bẹ̀rẹ̀ látorí bọ́tìnnì. Ìlà òkè lápá òsì: Q, W, E, R, T, Y. Tó bá jẹ́ A, Z, E, R, T, Y ni, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ tó ń sọ Faransé nìyẹn, irú èyí tí ẹ máa rí ní Kútọnu. Tó bá jẹ́ Q, W, E, R, T, Z, ti Jámánì ni. Tiwa jẹ́ ti ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Lára bọ́tìnnì nọ́ńbà, mo rí àmì £. Àwọn tí wọ́n ṣe é ní kí wọ́n lò ó níbi tí wọ́n ti ń ná pọ́n-ùn.

7/ Mo wá nọ́ńbà 1, mi ò rí i. Kì í ṣe pé ó já o. Ọ̀pọ̀ taipúráítà àtijọ́ ni kò ní i: lẹ́tà l kékeré ni wọ́n fi ń tẹ 1. Àwọn èèyàn máa ń rí èyí, wọ́n á ní "háà, ẹ̀rọ yìí ti darúgbó gan-an!" Rárá o. Wọ́n ṣe irú bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun Hitler. Bọ́tìnnì £ sọ ibi tí wọ́n ti fẹ́ lo ẹ̀rọ náà fún mi, ṣùgbọ́n òun àti àìsí 1 ò sọ ọdún.

8/ Ara ẹ̀ ló sọ ọdún. Mo gbé e lé orí tábìlì, mo wọ̀n ọ́n: ó ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ péré, ó fẹ̀ tó 37, ó sì wúwo bí ìwọ̀n kílò mẹ́rin. Bébà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú bọ́tìnnì. Àwọn bọ́tìnnì ẹ̀ rí róbótó, wọ́n dúdú, wọ́n sì jìn díẹ̀ láàárín bí ìka ṣe máa jókòó sí i. Gbogbo wọn dúdú àyàfi ọ̀kan: bọ́tìnnì tí kárééjì fi ń fò lọ síbi tí ẹ bá dá sílẹ̀ fún un. Ìyẹn pupa.

9/ Ẹni tó bá ti rí bọ́tìnnì pupa kan ṣoṣo yẹn láàárín dúdú, lórí ara tó pẹlẹbẹ báyìí, á ti mọ̀ ọ́n: Olivetti Lettera 22. Marcello Nizzoli, ará Ítálì, ló ya àwòrán ẹ̀. Olivetti ní ilé iṣẹ́ ní Glasgow náà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa ní àmì £. Ẹ má fi Lettera 32 pè é: ti 32 kò rí róbótó, bọ́tìnnì ẹ̀ ní igun mẹ́rin tí wọ́n gé ṣónṣó ẹ̀ kúrò, 1963 ló sì jáde.

10/ Ìgbà wo wá ni Lettera 22 jáde? 1950.

11/ Mo jókòó síbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1950 kò lè tẹ ìwé ní 1947. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Ìtàn tí wọ́n fi tọ́ mi, tí mo fi sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì nílé ìwé, ṣubú lulẹ̀ nítorí bọ́tìnnì pupa kan.

12/ Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dárúkọ Lettera, kí n kàn kọ "taipúráítà àtijọ́", pé oníbàárà ò ní mọ̀. Ó tún ní ká fi ẹ̀rọ ìṣírò Bàbá kún un, kí ó lè dà bí ọ́fíìsì 1947 lódindi. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ìṣírò kan wà níbẹ̀, onírin, tó ní ọ̀pá ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bí èyí tí wọ́n fi ń fa omi. Mo ní kí n wo ìyẹn náà.

13/ Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń mọ irú èyí. Ìlà bọ́tìnnì tó dúró lóòró ló wà lójú ẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 9. Ṣùgbọ́n lápá ọ̀tún, níbi owó kékeré, mo rí bọ́tìnnì tí wọ́n kọ 10 sí, àti òmíràn tí wọ́n kọ 11 sí. Kí ni ìṣírò lásán fẹ́ fi bọ́tìnnì 11 ṣe? Owó ni. Kọ́bọ̀ àtijọ́ méjìlá ló ń di ṣílè kan, nítorí náà kọ́bọ̀ mọ́kànlá ni iye tó pọ̀ jù kó tó yí padà di ṣílè.

14/ Ó tún ku ọ̀kan. Ogún ṣílè ló ń di pọ́n-ùn, torí náà ṣílè kò lè kọjá 19 kó tó yí. Ìdí nìyẹn tí ìlà ẹ̀wẹ̀ẹ̀wá ṣílè fi ní bọ́tìnnì kan ṣoṣo, 1. Ẹ rí 10, ẹ rí 11, ẹ rí ìlà tó ní 1 nìkan: ẹ̀rọ pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni Nàìjíríà bọ́ sí náírà, ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ tuntun sì di náírà kan. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ yẹn ò wúlò fún owó mọ́.

15/ Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn rèé. Irú taipúráítà sọ ìgbà tí kò lè ṣáájú fún wa: kò lè ṣáájú 1950. Bọ́tìnnì 11 sọ ìgbà tí kò lè lò ó kọjá: kò lè kọjá 1972 lẹ́nu iṣẹ́ owó. Kò sọ pé 1947 ni. Ẹ̀rọ ìṣírò yẹn lè jẹ́ ti 1935, ó lè jẹ́ ti 1965. Ẹni tó bá fi òpin ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ti tan ara ẹ̀ jẹ.

16/ Ó wá ku kí n sọ fún Màmá. Màmá ti lé ní àádọ́rùn-ún, ọpọlọ ẹ̀ sì pé ju tèmi lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, taipúráítà yìí kọ́ ló tẹ ìwé àwọn obìnrin. Wọn ò tíì ṣe é nígbà yẹn." Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló sọ fún ọ pé èyí ni? Èyí dé lẹ́yìn tí mo bí bàbá rẹ. Taipúráítà bàbá yín ni mo wí. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di èyí."

17/ Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, báwo ni tìgbà yẹn ṣe rí? Wọ́n ní, "Ó ga. Ó dúdú. Ó ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, èèyàn á máa rí irin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀. Bó bá sì fẹ́ tẹ lẹ́tà ńlá, ibi tí bébà wà lódindi ni á fò sókè, gbì! Ẹ̀rù máa ń bà mí. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni mí, mo tẹ̀lé ìyá mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀." Nígbà yẹn, Bàbá ò tíì fẹ́ wọn. Ọmọṣẹ́ ni Bàbá lọ́dọ̀ akọ̀wé àgbà kan, ti ọ̀gá ẹ̀ sì ni taipúráítà ọ̀hún.

18/ Ara mi bù máṣọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni taipúráítà fi ń tẹ lẹ́tà ńlá. Ní ọ̀nà kan, tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́tà ńlá, apẹ̀rẹ̀ ọ̀pá lẹ́tà ló ń sọ̀kalẹ̀, bébà á dúró jẹ́ẹ́. Lettera 22 wa báyìí ló ṣe: mo tẹ̀ ẹ́, kárééjì ò mira. Ní ọ̀nà kejì, ọ̀pá lẹ́tà ló ń dúró, kárééjì ló ń gbéra sókè. Ohun tí Màmá rí nìyẹn. Ẹ̀rọ míì pátápátá ni wọ́n ń sọ, wọn ò sì mọ̀ pé ẹ̀rí ni wọ́n ń fún mi.

19/ Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Èyí tó gbajúmọ̀ jù fún gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni Royal 10, ti Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1914. Ó ga, ó dúdú, kárééjì ẹ̀ sì máa ń gbéra. Ọdún ẹ̀ bá 1948 mu dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: bíbá mu kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rọ yẹn ò sí mọ́. Bébà nìkan ló lè jẹ́rìí.

20/ Màmá ní kí n gbé àpótí kékeré kan wá. Ẹ̀dà kábọ̀n ló kún inú ẹ̀, èyí tí Bàbá tọ́jú. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ní ọjọ́ lórí, oṣù kẹta 1948. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni, sí àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin aláró kan ló ń sọ pé òun ò rí owó orí san, pé owó òwò òun ti run. Àmì àtàǹpàkò wà nísàlẹ̀.

21/ Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n. Taipúráítà máa ń fún gbogbo lẹ́tà ní àyè kan náà, i àti m kò yàtọ̀. Ìwọ̀n méjì ló wọ́pọ̀ jù: mẹ́wàá nínú íǹṣì kan, tàbí méjìlá nínú íǹṣì kan. Ẹ má wọn lẹ́tà ẹyọ kan, ojú á tàn yín. Ẹ ka ogún lẹ́tà, kẹ́ ẹ ka àlàfo mọ́ ọn. Tó bá gba bíi mìlímítà 51, mẹ́wàá-mẹ́wàá ni. Tó bá gba bíi 42, méjìlá-méjìlá ni.

22/ Mo ti ríbọ́ọ̀nù sí Lettera wa, mo tẹ ogún lẹ́tà: 42. Mo wọn ìwé 1948: 51. Mo tún un wọ̀n ní ìlà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. 51, 51, 51. Kò sí bí ẹ̀rọ tó wà níwájú mi ṣe lè tẹ bébà yẹn, ká tilẹ̀ ní a ò mọ ọdún tí wọ́n ṣe é.

23/ Nǹkan kejì ni àmì owó. Obìnrin náà ní òun pàdánù pọ́n-ùn mẹ́rin. Nínú ìwé yẹn, kì í ṣe £ gidi ló wà níbẹ̀. L ńlá ni wọ́n tẹ̀, wọ́n dá kárééjì padà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá fi ìlà kékeré gé e láàárín. Ohun tí akọ̀wé ń ṣe nìyẹn bí ẹ̀rọ ẹ̀ ò bá ní bọ́tìnnì £, bí ti Amẹ́ríkà tó jẹ́ $ ló ní. Ó lè jẹ́ pé ó ní i tó kàn bàjẹ́ ni o, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àti kárééjì tó ń fò, ó ṣòro fún mi láti má gbà pé Màmá rántí dáadáa.

24/ (Lẹ́yìn 1973, ẹ̀tàn kan náà ló padà wá. Kò sẹ́ni tó ní bọ́tìnnì náírà, ni àwọn atẹ̀wé bá ń tẹ N láàárín àmì = méjì: =N=. Tí ẹ bá rí ìyẹn lórí bébà tí wọ́n ní ó ti wà kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ dá a padà fún olówó ẹ̀.)

25/ Mo ka ìwé náà fún Màmá ní Yorùbá. Nígbà tí mo dé orúkọ ìsàlẹ̀, wọ́n ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ìyá wọn ni. Aláró Ìtòkú tí wọ́n tẹ̀lé lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé lọ́jọ́ yẹn ni. "Ìwé àwọn obìnrin" tí Màmá ń wí láti ọjọ́ yìí wá, ìwé ìyá wọn ni. Kì í ṣe ti ẹgbẹ́, Fúnmiláyọ̀ ò fọwọ́ sí i. Obìnrin kan ló fi àtàǹpàkò ẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

26/ Mo kọ ìwé fún oníbàárà ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọ ọ́ báyìí: Olivetti Lettera 22, kò ṣáájú 1950, bọ́tìnnì £, lẹ́tà méjìlá nínú íǹṣì kan, wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kùn ún. Kò tan mọ́ ìjà owó orí 1947. Oníbàárà ò pè mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bínú fún ọ̀sẹ̀ kan. Òrùlé ṣì ń jò, a ti ń dá owó ẹ̀ jọ nínú ẹbí.

27/ Lettera náà ní ìtàn tiẹ̀, ọwọ́ irin kan ló sọ ọ́. Ní apá ọ̀tún, lẹ́bàá bọ́tìnnì, ọwọ́ kékeré kan wà tó ń yan àwọ̀ ríbọ́ọ̀nù: dúdú, pupa, àti àmì funfun. Funfun kì í ṣe àwọ̀. Tí ẹ bá gbé e síbẹ̀, ríbọ́ọ̀nù ò ní gbéra, lẹ́tà á gún bébà lásán. Sitẹ́ńsù ni wọ́n ń fi ìyẹn gé, bébà onídà tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀rọ àdàkọ bíi Gestetner, kí íńkì lè gba ojú lẹ́tà kọjá.

28/ Orí funfun ni mo bá a. Ìdà gbígbẹ ṣì wà nínú ihò e àti o. Màmá ní ìbéèrè ìdánwò àwọn ilé ìwé ni Bàbá ń gé títí ojú ẹ̀ fi di bàìbàì. Iṣẹ́ ìkẹyìn tó ṣe nìyẹn.

29/ Tí irú ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ má tíì fọ̀ ọ́, ẹ má sì tíì kùn ún. Ẹ ya fọ́tò bọ́tìnnì ẹ̀ lókè, ti ẹ̀gbẹ́, ti ẹ̀yìn kárééjì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́tà ńlá, kẹ́ ẹ wo ohun tó mira. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ irin kọ̀ọ̀kan dúró sí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ béèrè àpótí bébà. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àgbà ilé sọ bí ó ṣe rí lójú wọn, kẹ́ ẹ má fi ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ dí wọn lẹ́nu.

30/ Màmá ní kí n fi gíláàsì há ìwé ìyá wọn mọ́ ògiri. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí, ní apá ibi tí òjò ò ti jò.